"Afẹ́ràn-ooru" àbí "agbénúooru"?

Atúmọ̀ kan, Ìbàdàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń tú ìwé sáyẹ́ǹsì kan fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti dé ibi bakitéríà inú ìsun omi gbígbóná, èyí tí wọ́n ń fi ẹ́ńsáìmù rẹ̀ da DNA kọ ní lábù. Mo pe bakitéríà náà ní "afẹ́ràn-ooru", mo pe ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ní "aláìkú-nínú-iná". Ṣé ó bọ́ sí i?

Ọmọ Èkìtì

Ó dùn létí jàre. Àmọ́ kí ló dé tí a ò lo tiwa? Ìkògòsì wà ńbẹ̀ tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ti ń pàdé, a lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tú, gbogbo wa wẹ̀. Ẹ pè é ní "ará Ìkògòsì", ta ni ò ní mọ ohun tí ẹ ń sọ?

Ẹni tó wà ní lábù

Àbúrò, "gbogbo wa wẹ̀" tó o sọ yẹn ló tú ọ fó o. Omi Ìkògòsì ò ju nǹkan bíi 38 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, ìyẹn bí ara èèyàn náà ṣe gbóná. Èyí tí wọ́n ń sọ nínú ìwé Àǹtí, Thermus aquaticus lorúkọ ẹ̀, nǹkan bíi 70 lara ẹ̀ ti máa ń yá gágá, tí omi bá ti tutù dé ìsàlẹ̀ 40 kò lè dàgbà mọ́. Omi 70, tó o bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, awọ á bó ni. Yellowstone ní Amẹ́ríkà ni Thomas Brock àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀, Hudson Freeze, ti bu omi tí wọ́n ti rí i lọ́dún 1966, nínú ìsun kan tí wọ́n ń pè ní Mushroom Spring, wọ́n wá kọ ọ́ jáde ní 1969. Tó bá jẹ́ Ìkògòsì la gbé e wá, ńṣe ló máa jókòó kalẹ̀ tí kò ní bímọ.

Ìdí nìyẹn tí "afẹ́ràn" ò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Èmi fẹ́ràn ata, àmọ́ tí n kò bá rí ata jẹ lónìí mi ò ní kú. Ẹja ò fẹ́ràn omi, inú omi ló ń gbé. "Agbénúooru" ni èmi á pè é.

Olùkọ́ èdè, ti fẹ̀yìntì

Mo fara mọ́ ọn, a-gbé-inú-ooru, ó tọ̀nà ní gírámà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin èwe ìsinyìí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, "agbenuooru" lẹ máa tẹ̀, ẹni tó bá sáré kà á á rò pé agbénú-òru ni, á wá máa wá òwìwí kiri.

Ìyá oúnjẹ, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe "afaradà-ooru" ló yẹ ká pè é? Ibi tí mo ti ṣe kọ́ọ̀sì ìmọ́tótó oúnjẹ níbí, wọ́n ní kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì, ẹ sè é kó hó ẹ̀ẹ̀mẹwàá kò ní kú, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbà ká fi ìrẹsì sílẹ̀ níta mọ́jú. Òun náà kọ́ nìyẹn?

Ẹni tó wà ní lábù

Ẹ kú iṣẹ́ mà, òótọ́ ni tìrẹsì yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Tìrẹsì yẹn, tí omi bá ń hó ńṣe ló ká ara ẹ̀ jọ sínú èèpo líle bí èso, ó ń sùn, kì í jẹ kì í mu. Ìgbà tí ìrẹsì bá lọ́wọ́ọ́wọ́ tán ló máa jí, tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ibẹ̀ ni inú rírun ti ń wá. Nítorí náà òun ni afaradà, ó ń dúró kí ooru kọjá lọ ni. Agbénúooru ò dúró de nǹkan kan, inú ooru yẹn gan-an ló ti ń jẹun. Àǹtí, ẹ fi méjèèjì sínú ìwé yín, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá.

Ọmọ Èkìtì

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí Ìkògòsì lol. Àmọ́ "aláìkú-nínú-iná" dáa fún ẹ́ńsáìmù ẹ̀, àbí? Torí mo mọ̀ pé Taq, ìyẹn ẹ́ńsáìmù yẹn, ni Kary Mullis fi bẹ̀rẹ̀ PCR, ọ̀nà tí wọ́n fi ń da DNA kọ, ní 1983, ooru ò sì lè pa á láéláé.

Ẹni tó wà ní lábù

Ọdún yẹn tọ́, ìyókù ò tọ́. Ẹ́ńsáìmù inú E. coli ni Mullis fi bẹ̀rẹ̀, bakitéríà inú ìfun èèyàn. Ẹ wò ó báyìí: kí wọ́n tó lè da DNA kọ, wọ́n ní láti gbé e dé nǹkan bíi 95 kí okùn méjèèjì tó so pọ̀ lè yà, wọ́n á wá jẹ́ kó tutù sí bíi 55 kí ègé kéékèèké tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdàkọ lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ́ńsáìmù tó máa kọ ìyókù lọ. Ẹ́ńsáìmù E. coli, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá rí 95 ló ti dì bí ẹyin. Ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á bá ṣí ọpọ́n, á kán òmíràn sí i, á tún gbóná, á tún kán, ìgbà 20, ìgbà 30. Wọ́n sì ti yọ Taq jáde láti 1976 o, ó kàn jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó rí iṣẹ́ fún un. 1988 ni iṣẹ́ tí wọ́n fi òun ṣe jáde, àtìgbà náà ló ti di pé kéèyàn pa ọpọ́n dé kó lọ jẹun.

Ti "láéláé" yẹn wá ńkọ́? Ní 95, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ìdajì Taq ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ìyípo 30, tó ń lo ìdajì ìṣẹ́jú ní 95 nígbà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ ìṣẹ́jú 15 ni, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣì wà láyé, kò sí wàhálà. Àmọ́ ní 97.5, ìṣẹ́jú 9 péré ni ìdajì fi ń lọ. Ẹ tún ìṣirò yẹn ṣe, tó bá fi máa parí kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó kù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Lábù kan tí mo ti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, DNA tí mo ní le láti yà, mo ní kí n fi kún iná, mo gbé e sí 98. Kò sí ìlà kankan lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wò ó bóyá ìdàkọ wáyé. Mo bú DNA náà títí. Ìgbà tí mo wá wo ọpọ́n tí a fi ń dán an wò, tí DNA inú ẹ̀ kì í kọ̀ láéláé, òun náà ò gbé nǹkan kan jáde, ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe DNA mi, ẹ́ńsáìmù ni mo sè jinná. Ká ní tìdánwò jáde ni, tèmi nìkan ni ò jáde, DNA mi ni mi ò bá máa bá wí.

Èyí tó tún máa pa yín lẹ́rìn-ín ni pé nínú fírísà, ní 20 sísàlẹ̀ òdo, la ń tọ́jú aláìkú-nínú-iná yìí sí.

Atúmọ̀ kan, Ìbàdàn

Háà! Ẹ ṣeun gan-an o. "Agbénúooru" wọlé, "afaradà-ooru" náà wọlé fún tìrẹsì, màá fi àmì ohùn sí i kí Bàbá má baà rí òwìwí. "Aláìkú" ti kú nìyẹn. Fún ẹ́ńsáìmù náà, ẹ jẹ́ n lo "apẹ́-kó-tó-dì".

Olùkọ́ èdè, ti fẹ̀yìntì

"Dì" kẹ̀? Ẹyin ló ń dì, torí ojú la fi ń rí i. Ẹni tó wà ní lábù, ṣé Taq tó bá ti bàjẹ́ nínú ọpọ́n yẹn máa ń dì lójú yín?

Ẹni tó wà ní lábù

Rárá sà, ó kéré jù, omi náà máa ń mọ́ gaara ni. Ìrísí ẹ̀ ló ń tú, ọwọ́ tó fi ń di DNA mú á jù sílẹ̀.

Olùkọ́ èdè, ti fẹ̀yìntì

Ó tú nìyẹn, kò dì. "Apẹ́-tú" ńkọ́?

Ìyá oúnjẹ, Lọ́ńdọ̀nù

"Apẹ́-tú" dà bí orúkọ ìnagijẹ ìyàwó ilé wa àtijọ́ létí mi o, èmi ò gbà.