Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: sikíríìnì áàpù àjọ fún àwọn tó ń lo fóònù kékeré

Àdùnní Kubwa
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń ya sikíríìnì áàpù kan fáwọn ìyá tó ń dá àjọ lọ́jà Nyanya àti Mararaba. Lórí fóònù tèmi ó dára gan-an, àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé tí mo gbé e lọ bá wọn, àwọn mẹ́ta ò rí bọ́tìnnì "Fi owó pamọ́" rárá, ọ̀kan ní lẹ́yìn tóun ya fọ́tò rìsíìtì tán gbogbo ohun tóun ti kọ pòórá, àwọn yòókù ní fóònù àwọn ti kún. Ràámù 1 GB ni púpọ̀ nínú wọn, ààyè ìpamọ́ 8 GB. Kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe, kí sì ni kí n máa fi dán an wò kí n tó padà lọ síbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gwarinpa
Ìyẹn ò le jàre. Lọ sínú Figma, ṣí férémù 480 sí 854, ṣebí iye píkísẹ́lì táwọn fóònù yẹn ní nìyẹn, kó o tún gbogbo ẹ̀ yà síbẹ̀. Dín lẹ́tà kù sí 11 kí ohun gbogbo lè wọlé. Gbogbo àwòrán, sọ wọ́n di WebP, ràámù ò ní kún mọ́, nǹkan ò sì ní pòórá mọ́.

Alágbàṣe Lugbe
Àbúrò Gwarinpa, WebP tó o sọ yẹn dára àmọ́ ibi tó wúlò sí kọ́ lo fi sí, màá padà síbẹ̀. Férémù 480 yẹn ló máa tan Àdùnní jẹ. Fóònù tó ní píkísẹ́lì 480 lábùú, tí dẹ́ńsítì rẹ̀ jẹ́ 240, kì í fún áàpù ní 480 o, dp ni áàpù fi ń wọn ààyè, kì í ṣe píkísẹ́lì, wo ìṣirò ẹ̀:

```
dp = px × 160 ÷ dpi
480 × 160 ÷ 240 = 320
854 × 160 ÷ 240 = 569
```

320 sí 569 ni férémù tó yẹ kó ṣí. Tó bá yà á sí 480, lójú Figma á dà bíi pé ààyè pọ̀ rẹpẹtẹ, ìgbà tó bá dé ọwọ́ ìyá ọlọ́jà ni gbogbo ẹ̀ máa há.

Ẹ jẹ́ ká wá na ààyè náà bí ẹni ń náwó. 569 la ní. Ibi aago àti bátìrì lókè gba 24, orí áàpù gba 56, àwọn àmì ìpadàsẹ́yìn nísàlẹ̀ gba 48. Ó ku 441. Ìyá wá fọwọ́ kan àpótí ìkọ̀wé, kíbọ́ọ̀dù jáde, kíbọ́ọ̀dù nìkan ń gbà tó 250, ó lè lé díẹ̀ tàbí kó dín láti fóònù kan sí òmíì. Ó ku bíi 190 péré. Àpótí kan jẹ́ 56, ààyè tó wà láàárín 16, bọ́tìnnì 48, àpapọ̀ ẹ̀ 120, ìyẹn wọlé. Fi àpótí kejì kún un, ó di 192, bọ́tìnnì ti ń wọ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù nìyẹn. Mélòó lo tò síbẹ̀, Àdùnní?

Àdùnní Kubwa
Háà. Mẹ́rin ni sà. Orúkọ, nọ́ńbà ìwé àjọ, iye owó, ọjọ́, fọ́tò rìsíìtì tún wà lẹ́yìn wọn, bọ́tìnnì wá wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Alágbàṣe Lugbe
Ohun tí wọn ò fi rí i nìyẹn. Abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ló wà, kò sì sóhun tó sọ fún wọn pé nǹkan wà lábẹ́ ibẹ̀. Kọ́kọ́ bi dẹfẹ́lópà yín bóyá ìlà yìí wà nínú `AndroidManifest.xml`:

```
android:windowSoftInputMode="adjustResize"
```

Pẹ̀lú ìyẹn, tí kíbọ́ọ̀dù bá jáde, sikíríìnì á sún kúrò fún un dípò kí kíbọ́ọ̀dù gorí ẹ̀. Kí gbogbo ojú ìwé náà sì ṣeé fà sókè sódò. Bọ́tìnnì yẹn, má fi í sínú ohun tó ń fà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ kó lè máa jókòó sórí kíbọ́ọ̀dù nígbà gbogbo.

Ti lẹ́tà 11 yẹn, ẹ má dán an wò. Àwọn ìyá wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ fa lẹ́tà fóònù wọn sókè fúnra wọn torí ojú, nítorí náà ohun tó o yà sí 16, ọwọ́ wọn ó ti di nǹkan bíi 21. Ìyẹn ni kó o fi dán iṣẹ́ ẹ wò. O ò nílò láti lọ ra fóònù báyìí, so tìẹ mọ́ kọ̀ǹpútà kó o tẹ èyí:

```
adb shell wm size 480x854
adb shell wm density 240
adb shell settings put system font_scale 1.3
```

Fóònù ẹ á di kékeré lójú ẹsẹ̀. Tó o bá parí, `adb shell wm size reset` àti `adb shell wm density reset` ló máa dá a padà, kó o sì fi 1.0 sípò 1.3 yẹn. Àmọ́ o, ìwọ̀n sikíríìnì nìkan lèyí ń ṣe, kò lè sọ ràámù ẹ di 1 GB. Fún ìyẹn ó yẹ kó o yá fóònù ọ̀kan nínú wọn.

Yétúndé Sábóńgàrì
Ẹ má bínú o, Kánò ni mo wà. Fóònù tèmi náà 8 GB ni, ojoojúmọ́ ló ń pariwo pé kò sí ààyè, mo ti pa fọ́tò ọmọ mi rẹ́ títí kò yí padà. Ṣé áàpù yín yìí ló máa bá mi nu ún?

Bọ̀ọ̀dá Farm Centre
Yétúndé, áàpù àjọ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe áàpù tó ń nu fóònù. Fídíò Wásáàpù ló máa ń kún fóònù yẹn, kì í ṣe fọ́tò ọmọ ẹ. Inú Wásáàpù gan-an ni kó o wọ̀, lọ sí Settings, Storage and data, Manage storage, wàá rí èyí tó tóbi jù lókè, kó o pa á rẹ́ níbẹ̀.

Àdùnní, Kánò níbí ni mo ti ń tún fóònù ṣe, jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí fún ẹ. Oníbàárà á ní kí n bá òun wá ààyè, màá ṣí ibi tí wọ́n to àwọn áàpù sí pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, èyí tó bá tóbi jù tí kì í bá ṣe Wásáàpù, òun la máa kọ́kọ́ yọ. A kì í bi í pé kí ni iṣẹ́ ẹ̀. Áàpù kan wà tí mo fi sórí fóònù aya mi, 12 MB ni nígbà tó wọlé, oṣù kejì ó ti di 140, gbogbo fọ́tò ìwé ìsanwó tó ti fi ránṣẹ́ ló ń kó pamọ́ sínú ara ẹ̀. Mo yọ ọ́. Nítorí náà kì í ṣe ìwọ̀n ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé nìkan ni kó o máa wò.

Alágbàṣe Lugbe
Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí ló wà nídìí méjì nínú wàhálà Àdùnní.

Kámẹ́rà mẹ́gápíkísẹ́lì 8 máa ń ya 3264 sí 2448. Nígbà tí áàpù bá fẹ́ gbé e síta sójú sikíríìnì, píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32 MB nínú ràámù, fún rìsíìtì kan ṣoṣo. Gwarinpa, ibi tí WebP ò ti ràn wá lọ́wọ́ nìyí: ó ń dín fáìlì kù, ó ń dín dátà kù, àmọ́ tí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀ láti fi hàn, 32 náà ni. Iye píkísẹ́lì la gbọ́dọ̀ dín kù. Tí dẹfẹ́lópà bá fi 4 sí `inSampleSize`, ó di 816 sí 612, MB 2 péré, ó sì tó fún ojú sikíríìnì. Èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ lè jẹ́ ìdajì, 1632 sí 1224, kí òǹkà orí rìsíìtì má bàa fọ́.

Ọ̀rọ̀ pípòórá wá ńkọ́? Bí ìyá yẹn ṣe ṣí kámẹ́rà, fóònù wá ràámù kò rí, ó pa áàpù àjọ tó wà lẹ́yìn. Nígbà tó padà, áàpù bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àpótí òfìfo. Kó o tó gbà mí gbọ́, ṣí kámẹ́rà látinú áàpù ẹ, kó o wá tẹ `adb shell am kill` pẹ̀lú orúkọ páńkéèjì áàpù yín, kó o ya fọ́tò kó o padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gwarinpa
Ó yé mi wàyí, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ "Don't keep activities" tó wà nínú Developer options ńkọ́, ṣé òun náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Alágbàṣe Lugbe
Ó sún mọ́ ọn, kì í ṣe òun. Ìyẹn ń tú ojú ìwé ká, áàpù fúnra ẹ̀ ṣì wà láàyè, nítorí náà ohun tí ẹ bá kó sínú ìrántí áàpù á ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó rò pé ẹ ti tún un ṣe. `am kill` ló ń pa gbogbo ẹ̀. Ojútùú ẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni kí áàpù máa kọ ọ́ sílẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n má dúró de bọ́tìnnì. Fọ́tò tí kò tíì lọ, ẹ má fi í sínú `cacheDir`, torí tí ààyè bá tán, fóònù lè nu ibẹ̀ fúnra ẹ̀ láìbéèrè. Èyí tó ti dé ọ̀dọ̀ sáfà, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó má lọ di 140 Bọ̀ọ̀dá.

Àdùnní Kubwa
Mo ṣe é báyìí, ó pòórá lójú mi! Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí n wá pín àpótí mẹ́rin yẹn sí ojú ìwé mẹ́rin, ọ̀kan ọ̀kan?

Ọmọ Alájọ Mararaba
Àǹtí Àdùnní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ń ta ata, oníbàárà wà lọ́rùn ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ tutù, ẹ wá ní kó tẹ "Ó kàn" lẹ́ẹ̀mẹrin? Kí ló dé tí ẹ tún ń bi í lórúkọ? Ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀ lẹ ti mọ orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé ẹ̀. Ọjọ́ kẹ̀, òní ni, ẹ kọ òní síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yí i ló máa fọwọ́ kàn án. Iye owó nìkan ló kù, ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ kíbọ́ọ̀dù oní-nọ́ńbà ló máa jáde.

Alágbàṣe Lugbe
Ọmọ yìí ti parí iṣẹ́. Àpótí kan, bọ́tìnnì kan, 120 nínú 190 wa.

Àdùnní Kubwa
Ó ga o, n ò rò ó lọ síbẹ̀ yẹn. Nǹkan kan ṣẹ́kù: nígbà tí mo fa lẹ́tà dé 1.3, àmì orí àti ìsàlẹ̀ "pamọ́" gé kúrò lójú bọ́tìnnì, ó ń ka "pamo".

Alágbàṣe Lugbe
Ẹ ti fi gíga 48 de bọ́tìnnì náà ni. Kí 48 jẹ́ èyí tó kéré jù, kó lè ga sí i fúnra ẹ̀. Ẹ fún ìlà ní gíga tó tó ìlọ́po 1.5 ìwọ̀n lẹ́tà, kí dẹfẹ́lópà sì yọ `android:includeFontPadding="false"` tó bá fi síbẹ̀, òun ló sábà máa ń gé àmì ohùn wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gwarinpa
Èmi ṣì rò pé tó bá jẹ́ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù ni, kò ní gba ààyè tó báyìí lórí fóònù wọn, gbogbo ìjà ààyè á tán.

Ọmọ Alájọ Mararaba
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìsọ̀ ìyá mi ò ṣeé gbọ́kàn lé tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ gan-an ni wọ́n sì ń san àjọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gwarinpa
Wẹ́ẹ̀bù náà lè tọ́jú nǹkan láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì o.

Alágbàṣe Lugbe
Ó lè tọ́jú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí ààyè bá tán, bíráósà náà lè nu ún, owó olówó sì ni. Síbẹ̀ n ò ní kó o má dán an wò.

Àdùnní Kubwa
Màá gbé méjèèjì lọ sí Nyanya ní Sátidé. Ìyá kan ti ní òun máa yá mi ní fóònù ẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, màá kọ ohun tí mo bá rí síbí.