Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mi: ó ti yanjú

"Mo ti ṣí pọ́ọ̀tù 8443 lórí ráútà, kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, síbẹ̀ kò ṣeé wò láti ìta. Kí ló dí i?"

Ẹ ṣé gan-an. Ẹni tó ní kí n wo àdírẹ́sì WAN, èyí tí ráútà mi ń lò sí ìta, ló já a. 100.72.14.9 ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà mìíràn sì ni àwọn ará ìta ń rí. Láti 100.64.0.0 dé 100.127.255.255, àwọn iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń fún oníbàárà wọn, kí ọ̀pọ̀ ilé lè jọ pín àdírẹ́sì ìta kan. Ẹ̀rọ wọn máa ń rántí ẹni tó kọ́kọ́ ránṣẹ́ jáde, kí èsì lè padà bá a. Bí ẹnìkan bá ṣàdédé wá láti ìta, kò sí àkọsílẹ̀ tó máa fi mọ ilé tó ń lọ, ó sì máa dà á nù. Kò dé ọ̀dọ̀ ráútà mi rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dárúkọ DDNS tó ń so orúkọ mọ́ àdírẹ́sì ìta, àdírẹ́sì àjọpín yẹn náà ló máa tọ́ka sí. Bọ̀dá tó ní kí n pa ráútà kí n sì tún un tàn, ọ̀tọ̀ ni ìṣòro tiyín.

Mo háyà sáfà kékeré tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Láti ilé la ti ń fi WireGuard, ọ̀nà àdáni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pè é:

```
PersistentKeepalive = 25
```

Ìṣẹ́jú àáyá 25 síra ló ń ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ má baà gbàgbé wa. Àwòrán ń gba ọ̀dọ̀ sáfà yẹn kọjá, ó sì ń falẹ̀ díẹ̀. IPv6, irú àdírẹ́sì tí kò nílò àjọpín, ì bá yá jù, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi kò ní in. Mo ti béèrè àdírẹ́sì tèmi lọ́wọ́ iléeṣẹ́. Wọn ò tíì dáhùn.