Ìdajì, ìdájí, àbí ìgékù? Lórí Bítíkọ́ìnì tí wọ́n ń gé

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin àgbà. Kí ni ká máa pe ohun tí wọ́n ń ṣe fún Bítíkọ́ìnì, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin yẹn, tí owó tuntun tó ń jáde fi ń kéré sí i, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní *halving*? Mo rí "ìdájí Bítíkọ́ìnì" níbì kan. Kí ló sì fà á tí iye rẹ̀ fi ní òpin?

Ìyá Ìjẹ̀bú: Ìdájí kẹ̀! Ìdájí ni ìgbà tí àkùkọ ń kọ. Ìdajì lọ̀rọ̀ tó ń wá: *da* ohùn àárín, *jì* ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá gbé àmì òkè lé méjèèjì ti sọ owó di òwúrọ̀ kùtù. Ní tèmi, kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣe? Ẹ pè é ní *àbọ̀*. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Àwọn tó tọ́ wa kò wá ọ̀rọ̀ lọ sókè òkun.

Ọmọ Ìlọrin: Mà, ẹ jàre lórí ohùn, àmọ́ àbọ̀ kò bá a mu. Àbọ̀ máa ń lé lórí nǹkan ni: aago méjì àbọ̀ ti kọjá aago méjì. Èyí tí à ń wí yìí, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀. *Ìdínkù* ló yẹ ẹ́. Dín làwọn baba wa fi ka owó: mẹ́rìndínlógún, ọgọ́ta ó dín mẹ́ta. Bítíkọ́ìnì tuntun 50 ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù sí 25. Ó parí.

Akọkóòdù: Kò tíì parí o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi ṣírò "dín" yẹn. Dín máa ń yọ iye kan pàtó ni. Bí wọ́n bá ń yọ 25 nígbà gbogbo, láti 50 a bọ́ sí 25, láti 25 a bọ́ sí òfo, gbogbo owó náà kò sì ní ju 15,750,000 lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Búlọ́ọ̀kù ni ìdì àkọsílẹ̀ owó táwọn èèyàn fi ránṣẹ́, 210,000 rẹ̀ sì ni ìpele kan. Ní ìpele kìíní, 50 tuntun ló ń bá búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan wá, àpapọ̀ rẹ̀ 10,500,000. Ní ìkejì ó di 25, ó fi 5,250,000 kún un. Ìkẹta 12.5, ìkẹrin 6.25. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù 840,000 dé ní 20 oṣù Kẹrin 2024, 19,687,500 ló ti jáde, owó tuntun inú búlọ́ọ̀kù kan wá di 3.125. Ìpele tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà mú 1,312,500 wá. Gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù láti bí, títí ayé, kò lè ju 1,312,500 mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni 21,000,000 ti wá. Kì í ṣe odi ni wọ́n mọ síwájú rẹ̀. Gígé yẹn fúnra rẹ̀ ló bí òpin.

Ní ti ìdí rẹ̀, Sátóṣì Nakamótò, ẹni tó dá Bítíkọ́ìnì sílẹ̀, kọ ọ́ ní oṣù Kejì 2009 pé dandan ni kéèyàn gbẹ́kẹ̀ lé báǹkì àpapọ̀ pé kò ní sọ owó di yẹpẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ìtàn kún fún báǹkì tó ja ìgbẹ́kẹ̀lé náà kulẹ̀. Owó tí ẹnikẹ́ni kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ̀ sí i ló ń wá. Àmọ́ iye tó mú yẹn, ìfojúdá ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan tí wọ́n jọ ń kọ̀wé síra wọn.

"Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin" náà kò gún. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọdún. Oṣù Kọkànlá 2012, oṣù Keje 2016, oṣù Karùn-ún 2020, oṣù Kẹrin 2024: ẹ rí i pé kò tíì pé ọdún mẹ́rin rí.

Oníṣòwò: Ẹ dákun, mo ní Bítíkọ́ìnì 0.02 lórí fóònù mi. Ṣé ní 2028 ni yóò di 0.01? Ṣé kí n yáa tà á?

Ọmọ Ìlọrin: Kò ní dín. Iye tí wọ́n ń tà á ló máa di ìlọ́po méjì.

Akọkóòdù: 0.02 yóò wà ní 0.02. Ìlọ́po méjì ńkọ́? Kò sí i nínú kóòdù níbi kankan. Ọjà ló ń pinnu iye títà. Ohun tí kóòdù mọ̀ kò ju pé owó tuntun tó ń wọlé lójúmọ́ bọ́ láti nǹkan bí 900 sí nǹkan bí 450 ní 2024.

Olùkọ́ Gírámà: Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà kí ọ̀pọ̀ yín tó mọ àmì ohùn. *Ìlàsíméjì* ni. Là ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ, bí a ti ń la obì.

Akọkóòdù: Bàbá, ẹ má bínú. Tí a bá la obì, awẹ́ méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ wa. Níhìn-ín, awẹ́ kejì kò wáyé rárá. Kò sẹ́ni tó pín in, kò sẹ́ni tó fi pamọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́:

```
CAmount nSubsidy = 50 * COIN;
nSubsidy >>= halvings;
```

Àmì `>>` yẹn ń gé ni, ohun tó bá sì já bọ́ ti já bọ́. Bítíkọ́ìnì kan jẹ́ 100,000,000 sátóṣì. Gígé mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ á ṣe déédéé, á ku 9,765,625 sátóṣì. Ní ìgbà kẹwàá, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 4,882,812 àti àbọ̀, àmọ́ kóòdù kò mọ àbọ̀ sátóṣì, 4,882,812 ló máa mú. Nítorí irú èyí ni gbogbo rẹ̀ kò fi ní pé 21,000,000 géérégé: 20,999,999.9769 ni. Ní ìgbà kejìlélọ́gbọ̀n, sátóṣì 1 ló kù. Ìgbà tó tẹ̀ lé e, òfo. Gé ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Awakùsà ni ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà kó búlọ́ọ̀kù jọ, òun ló ń gba owó tuntun náà. Mo dá *ìgékù owó awakùsà* lábàá.

Ìyá Ìjẹ̀bú: Ṣé gbogbo owó awakùsà ni wọ́n ń gé? Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ náà ń san nǹkan fún un.

Akọkóòdù: Ẹ mú mi, mà. Wọn kì í gé owó ìfiránṣẹ́. Nínú búlọ́ọ̀kù 840,000 gan-an, nítorí ìjàkadì àtiwọlé lọ́jọ́ náà, owó ìfiránṣẹ́ lé ní 37, nígbà tí owó tuntun jẹ́ 3.125 péré. Àmọ́ ká ní awakùsà yẹn fi 6.25 àtijọ́ sí i, ó ti wọ gbèsè: gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni yóò dá búlọ́ọ̀kù náà padà, wọn á kọ `bad-cb-amount` sí i, iná tó jó á lọ lásán. Torí náà mo yí i padà: *ìgésídajì owó tuntun*.

Olùkọ́ Gírámà: *Sí* àti *ìdajì* pàdé, o kàn gbé ohùn ìsàlẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mì bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí o kò kọ *ìgésí-ìdajì*?

Ọmọ Ìlọrin: Bàbá, ẹ̀yin náà kò kọ *ìlà-sí-méjì*.

Olùkọ́ Gírámà: Méjì kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì! Ẹ lọ tún ìwé yín kà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Ẹ ṣé gan-an. Òpin iye yẹn ńkọ́, ṣé *gbèdéke* ni kí n kọ?

Ìyá Ìjẹ̀bú: Gbèdéke máa ń ní ẹni tó fi lélẹ̀. Ẹ ti sọ pé gígé ló bí tìhín.

Akọkóòdù: Sátóṣì ló fi gígé náà lélẹ̀, mà. Èmi yóò kọ gbèdéke.