"Ìnira ọpọlọ" tàbí "ẹrù iyè"? Lórí àbá Sweller àti iṣẹ́ olùkọ́

Fúnmiláyọ̀:
Ẹ jọ̀wọ́, a ń kọ ìwé ìtọ́ni lédè Yorùbá fún àwọn olùkọ́. A ti dé orí àbá John Sweller nípa ìwọ̀n ohun tí ọpọlọ lè gbé nígbà tí ènìyàn ń kọ́ ohun tuntun, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "cognitive load". Ẹnìkan nínú wa kọ "ìnira ọpọlọ", ẹlòmíràn kọ "ẹrù ọpọlọ". Èwo ni ká mú, kí sì ni ká ní kí olùkọ́ ṣe níwájú bọ́ọ̀dù?

Akínwálé:
Ẹ fi "ìnira" sílẹ̀. Ìnira jẹ́ ohun tí ènìyàn ń mọ̀ lára, ṣùgbọ́n ohun tí Sweller ń wí láti 1988, nígbà tó wà ní Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà, ṣeé kà. Iye nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dì mú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, àwọn nǹkan tí ọ̀kan kò lè yé e láìsí èkejì. Kíkọ́ orúkọ igba ewé sórí nira, ó sì ń gba ọjọ́ púpọ̀, àmọ́ ẹni tí kò tíì mọ efinrin lè mọ ewúro. Orúkọ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ìdọ́gba bíi 4(x + 3) = 32 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rántí pé 4 ń sọ x àti 3 méjèèjì di púpọ̀, pé ohun tí a bá ṣe sí apá kan la ó ṣe sí apá kejì, àti pé x nìkan la ń wá. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, ìyókù kò wúlò fún un mọ́. Ibẹ̀ ni ẹrù wà.

Mo sì fẹ́ "ẹrù iyè" ju "ẹrù ọpọlọ" lọ. Ọpọlọ ni ẹ̀yà ara. Iyè la fi ń rántí nǹkan, òun náà ló ń rà nígbà tí a bá gbàgbé. Tí a bá ti mú iyè, a lè pe ibi tí a ti ń ro nǹkan lọ́wọ́ ní "iyè ojú-ẹsẹ̀", ká sì pe ibi tí ìmọ̀ ń pẹ́ sí ní "àká iyè". Iyè ojú-ẹsẹ̀ kéré púpọ̀. Àká iyè kò ní ààlà tí ẹnikẹ́ni tíì rí.

Bọ́lájí:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo fara mọ́ ẹrù iyè. Ẹ jẹ́ ká fi iye nǹkan tí iyè ojú-ẹsẹ̀ lè gbé kún un nínú ìwé náà. George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti sọ ọ́ ní 1956 pé nǹkan méje ni, ó lè fi méjì lé tàbí kó fi méjì dín. Kí olùkọ́ sáà ti rí i pé ohun tuntun inú ẹ̀kọ́ kan kò ju méje lọ. Ohun kan náà ló fi hàn pé nọ́ńbà Yorùbá wúwo jù fún ọmọdé. Ẹ wo márùndínláàádọ́ta: ogún lọ́nà mẹ́ta, yọ mẹ́wàá kúrò kó di àádọ́ta, tún yọ márùn-ún. Kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì ka nọ́ńbà nínú kíláàsì ìṣirò, kí ẹrù lè fúyẹ́.

Akínwálé:
Bọ́lájí, òótọ́ ni o sọ nípa Miller, ṣùgbọ́n méje yẹn jẹ́ ti ẹni tí a ka nǹkan fún tó sì tún un kà padà bí ó ti gbọ́ ọ. Nígbà tí Nelson Cowan, tí òun náà ń ṣèwádìí nípa iyè, tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní 2001, nǹkan bíi mẹ́rin ló kù tí a bá dí ọ̀nà tí ènìyàn fi ń tún nǹkan pè nínú ara rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ fi nǹkan wọ̀nyẹn ṣe iṣẹ́, pé kó fi wọ́n wéra tàbí kó pa wọ́n pọ̀, méjì tàbí mẹ́ta ni Sweller ń fọkàn sí. Ohun tí a kò bá tún pè kì í pẹ́ níbẹ̀: láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tó pọ̀ jù ti lọ. Bí a bá kọ "méje" sínú ìwé olùkọ́, wọn yóò di ẹ̀kọ́ ní àdìjù.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo àbá yìí ti ń hàn kedere. Ọmọ tó ti ń gbọ́ márùndínláàádọ́ta láti kékeré kì í yọ mẹ́wàá, kì í yọ márùn-ún. Ó bọ́ sí i lẹ́nu bí odidi ohun kan, torí ó ti wà ní dídì nínú àká iyè rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí ló ní láti tú u palẹ̀. Nọ́ńbà kan náà, ọ̀kan gbé nǹkan kan, èkejì gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nítorí náà, a kò lè wo ẹ̀kọ́ nìkan ká sọ pé ó wúwo, àfi ká mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá. Mo dábàá "ìdì" fún ohun tó ti di ọ̀kan báyìí. Ohun tí olùkọ́ yóò sì yẹra fún ni kíkọ́ orúkọ nọ́ńbà tuntun àti ìdọ́gba tuntun ní ọjọ́ kan náà. Kó fi nọ́ńbà tí wọ́n mọ̀ kọ́ ìdọ́gba, kó kọ́ orúkọ nọ́ńbà lọ́jọ́ mìíràn.

Ìyá Tóyìn:
Ẹ ṣeun tí ẹ mú ọ̀rọ̀ ẹrù yìí wá. Iṣẹ́ àmúrelé tí wọ́n ń fún ọmọ mi ti pọ̀ jù. Ìwé mẹ́jọ ló ń gbé nínú báàgì, tó bá sì di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ti ń tòògbé lórí ìwé. Kí ìwé yín sọ fún àwọn olùkọ́ kí wọ́n dín iṣẹ́ kù.

Fúnmiláyọ̀:
Ìyá wa, ẹ̀dùn yín tọ́, àmọ́ àárẹ̀ ni ẹ ń sọ, ó yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Ọmọ tó sùn dáadáa tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ ṣì lè sọnù sínú ìdọ́gba kan ṣoṣo bí a bá gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí kò dára. Ẹ̀gbọ́n Akínwálé, ọ̀nà ìgbékalẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi hàn wá, kí ẹ mú un ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Akínwálé:
Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìdọ́gba yẹn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni pé olùkọ́ yóò ṣe àpẹẹrẹ kan, yóò wá kọ mẹ́wàá sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò tíì ní ìdì kankan. Ohun tí yóò máa ṣe ni pé yóò wo ibi tó wà, yóò wo ibi tó ń lọ, yóò wá máa wá ohun tó lè dín àlàfo àárín wọn kù. Wíwá yìí nìkan ti kún iyè ojú-ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lè rí ìdáhùn, kó má sì kọ́ nǹkan kan nípa irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá fún un ní òmíràn tó jọ ọ́ lọ́jọ́ kejì: á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Sweller àti Cooper ti fi ọ̀nà mìíràn hàn nínú áljẹ́brà ní 1985: ẹ ṣe iṣẹ́ náà tán kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á. Mo pe èyí ní "àṣehàn". Ẹ kọ ọ́ báyìí, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀:

```
4(x + 3) = 32
4x + 12 = 32
4x = 20
x = 5
```

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ gbé èyí tó jọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n ṣe é fúnra wọn, 3(x + 4) = 21. Kí méjèèjì máa rìn pọ̀, àṣehàn kan, iṣẹ́ kan. Bí ẹ bá to àṣehàn mẹ́fà léra láìsí iṣẹ́ láàárín, ojú wọn á kàn máa gba orí ìwé kọjá ni. Lẹ́yìn bíi méjì tàbí mẹ́ta irú rẹ̀, ẹ fún wọn ní èyí tó ṣẹ́ kù díẹ̀: 5(x + 2) = 45, 5x + 10 = 45, 5x = 35, ẹ fi ìlà ìkẹyìn sílẹ̀ fún wọn. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ìlà méjì ìkẹyìn sílẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni mo máa ń dábàá kí a ti yọ ọ́, torí ìgbésẹ̀ tó rọrùn jù ló wà níbẹ̀. Mo pe èyí ní "àṣekù".

Àṣìṣe kan wà tí ẹ ó rí dájú: 4x + 3 = 32. Kí ẹ tó bínú, ẹ ní kí ọmọ náà tú 4(x + 3) nìkan, láìsí ìdọ́gba. Bó bá ṣì kọ 4x + 3, kò mọ àkámọ́ nìyẹn. Ẹ pa ìdọ́gba tì, ẹ kọ́ ọ ní àkámọ́ lọ́tọ̀. Bó bá gbà á nígbà tó dá wà, tó ń ṣì í nínú odidi iṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n. Ẹrù ló pọ̀ lórí rẹ̀. Ìwòsàn méjèèjì kò jọra.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí bọ́ọ̀dù. Ẹni tó ya onígun mẹ́ta, tó wá kọ "igun A jẹ́ 50°" sí ìsàlẹ̀, ń mú kí ọmọ máa gbé 50 rìn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ kọ 50° sínú igun náà gan-an. Bí àwòrán bá sì ti dá yé wọn, ẹ má tún kọ gbólóhùn tó ń sọ ohun kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí wọn yóò kà á, wọn yóò sì máa wá ìyàtọ̀ tí kò sí.

Adérónkẹ́:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gbogbo wa la fẹ́ràn láti fi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ohùn, torí ó wuyì. Ṣé òun náà ni ẹrù iyè? Àwọn ọmọ náà kì í rántí ìkankan.

Akínwálé:
Òun gan-an ni. Ìtò ohùn mẹ́rin tí etí wọn kò tíì yà sọ́tọ̀, ìtumọ̀ mẹ́rin, àmì tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì ní láti fi gbogbo rẹ̀ wéra kí ọ̀kan tó yé wọn. Èmi á mú méjì péré, ọkọ́ àti ọkọ̀, torí òkè àti ìsàlẹ̀ jìnnà síra. Àwòrán nìkan, ẹnu olùkọ́, kò sí ìkọ̀wé. Tí wọ́n bá ti ń nawọ́ sí èyí tó tọ́ láìdúró rò, ẹ mú àmì wá. Ọkọ tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ ló kẹ́yìn.

Bọ́lájí:
Mo gba ti nọ́ńbà. Àmọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òkè kan tí mo fún ní àṣehàn ìdọ́gba yìí ṣe burú ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ.

Akínwálé:
Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kalyuga àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti kọ nípa rẹ̀: ohun tó gbé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ró a máa di ẹrù fún ẹni tó ti ní ìdì, torí ó ní láti kà á kó sì fi wé ohun tó mọ̀. Fún wọn ní iṣẹ́ tààrà. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ tí ọmọ kọ: bó bá fo ìgbésẹ̀ kan láìṣì í, ẹ mú àṣehàn kúrò.

Fúnmiláyọ̀:
Méjì ló wá kù. Ẹrù tí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ní àti ẹrù tí olùkọ́ dá sílẹ̀ ti yé mi. A ó kọ "ẹrù ẹ̀kọ́" àti "ẹrù ìgbékalẹ̀". Àwọn ìwé kan tún ka ẹ̀kẹta, ti ìsapá tí ń di ìdì. Ṣé ká sọ ọ́ lórúkọ?

Akínwálé:
Èmi ò ní fi kún un. Ní 2010, Sweller fúnra rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ bí ààyè tí iyè fi sílẹ̀ fún ẹrù ẹ̀kọ́. Kò kà á sí ẹrù mìíràn tí à ń rò mọ́ ọn.

Adérónkẹ́:
Mi ò fara mọ́ èyí pátápátá, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ nílò orúkọ fún ohun tó fẹ́ kó pọ̀ sí i, kì í ṣe fún ohun tó ń dín kù nìkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni "àṣekù" ń dún létí mi bí iṣẹ́ tí ọ̀lẹ pa tì. Ṣé "àṣeparí" kò ní sàn jù, nígbà tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń parí rẹ̀?

Fúnmiláyọ̀:
A ó kọ méjèèjì sínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, ká wo èyí tí àwọn olùkọ́ yóò mú.