Kálórì bíà àti ẹmu, ibo ni kí n kọ ọ́ sí?
Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kàbbà ni mo wà, kálórì 2000 ni mò ń jẹ lójúmọ́. Ìgò bíà ńlá kan, sẹ̀ntílítà 60, tó bá jẹ́ 5%, bíi gíráàmù 23.7 ni ojúlówó ọtí inú ẹ̀, gíráàmù kan sì jẹ́ kálórì 7, ìyẹn nǹkan bíi 166, kì í ṣe pùròtéènì, kì í ṣe ọ̀rá, kì í ṣe kábù, tí mo bá wá ro kálórì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kì í bá àpapọ̀ kálórì ọjọ́ náà mu rárá. Ṣé inú iyán alẹ́ ni kí n ti yọ ọ́ àbí inú epo? Mi ò fẹ́ fọwọ́ kan pùròtéènì o. Ògógóró yé mi, kò ní ṣúgà. Ẹmu ló ń dà mí láàmú: ti àárọ̀ dùn, tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́ ṣúgà ẹ̀ ti ń di ọtí. Báwo lẹ ṣe ń kọ tiyín?