Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kíka kọ́lọ́nì nínú fọ́tò abọ́ pẹ́tírì

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà láàbù. Kùnú jéró tí wọ́n ń tà lọ́jà ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi. Mo là á lómi dé 10⁻⁵, mo sì fi fóònù ya fọ́tò àwọn abọ́ lẹ́yìn wákàtí 48. Mo fojú ka kọ́lọ́nì inú abọ́ méjì tó wà ní 10⁻⁴: ọ̀kan jẹ́ 164, èkejì 176. Àwọn ti 10⁻⁵ jẹ́ 14 àti 19. Àmọ́ ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ka fọ́tò, ní 287 ló wà nínú abọ́ 164 yẹn. Ọ̀nà wo ni kí n gbà ka fọ́tò yìí, báwo ni mo sì ṣe máa ṣírò iye tó wà nínú mílílítà kan?

Bọ̀dá Kémísírì
Ìṣirò yẹn ò le. Pa 164 àti 176 pọ̀, pín in sí méjì, 170 nìyẹn. Wá fi 0.1 pín in, torí 0.1 mílílítà la máa ń tẹ́ sórí ágà, kí o tún fi 10⁻⁴ pín in. Mílíọ̀nù 17 ni. Ní ti ImageJ, fi í sílẹ̀, ojú lásán ló dáa jù.

Ìyá Ágà
Ẹ dúró ná, Bọ̀dá. Ọmọ yìí ò tíì sọ iye tó gbé sínú abọ́. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sórí ágà tó ti dì ló ń lo 0.1. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e sínú abọ́ òfìfo, tó wá da ágà yíyọ́ lé e, mílílítà 1 ló sábà máa ń lò. Bí a bá ṣi èyí mú, èsì á di ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó yẹ kó jẹ́. Ọmọ mi, èwo lo ṣe? Fi fọ́tò yẹn síbí kí n wò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin
Ẹ ṣé mà. Mílílítà 1 ni, mo sì da ágà yíyọ́ lé e. Fọ́tò náà nìyí. Abẹ́ iná àjà ni mo ti yà á, ìdérí wà lórí rẹ̀.

Ìyá Ágà
Ó dáa, a lè ṣírò báyìí. Iye kọ́lọ́nì la ó fi iye tó wọ inú abọ́ àti ìpele ìlàlómi pín:

```
CFU/ml = 170 / (1 × 10⁻⁴) = 1,700,000 = 1.7 × 10⁶
```

Má kọ 14 àti 19 mọ́ ọn, àmọ́ má sọ wọ́n nù. Àwọn ló ń jẹ́rìí sí ìlàlómi rẹ. Bí omi ṣe di ìlọ́po mẹ́wàá láti 10⁻⁴ dé 10⁻⁵, ó yẹ kí kọ́lọ́nì wá sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìdajì àpapọ̀ 14 àti 19 jẹ́ 16.5, ó sì bá 170 mu. Ká ní 90 lo rí níbẹ̀ ni, mo máa sọ pé o ò pààrọ̀ pípẹ́ẹ̀tì láti túùbù kan sí èkejì, tàbí pé o ò mi túùbù dáadáa kí o tó fà nínú rẹ̀.

Ní ti 287, mo ti wo fọ́tò rẹ. ImageJ ò mọ kọ́lọ́nì, ohun tó bá mọ́lẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ ló ń kà. Omi ti sé sára ìdérí rẹ, ìkán omi kọ̀ọ̀kan sì jọ kọ́lọ́nì lójú rẹ̀. Iná àjà hàn lẹ́ẹ̀mejì lórí ike. Etí abọ́ náà ń dán yíká. Àwọn róbótó tó dà bíi òrùka lápá òsì, ìhó afẹ́fẹ́ ni wọ́n, wọ́n wọlé nígbà tí o ń da ágà. Kọ́lọ́nì máa ń kún dé àárín. Ìhó máa ń mọ́lẹ̀ létí, kó sì ṣófo láàárín.

Tún fọ́tò yà, má sì ṣí abọ́ náà. Dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí o yà á láti ìsàlẹ̀, gba inú ágà. Bí o bá kọ déètì sí àárín ìsàlẹ̀ abọ́, fi ọtí sípíríìtì nù ún, kí o tún un kọ sí ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́, pa iná àjà, kí o gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú ágà. Má lo fíláàṣì. Fóònù gbọ́dọ̀ wà lókè gan-an, kó má dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nínú ImageJ, mú Oval, fa òbìrí kan sínú abọ́ kó fi etí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn jẹ́ dúdú, kí o tẹ Edit > Clear Outside. Lẹ́yìn náà:

```
setOption("BlackBackground", true);
run("8-bit");
setAutoThreshold("Otsu dark");
run("Convert to Mask");
run("Watershed");
run("Analyze Particles...", "size=30-3000 circularity=0.60-1.00 show=[Overlay Masks] summarize");
```

30 àti 3000 yẹn, píksẹ́lì ni mo ní lọ́kàn. Bí fọ́tò rẹ bá ti ní òṣùwọ̀n mìíràn, tẹ Analyze > Set Scale, kí o yọ ọ́ kúrò. Nọ́ńbà méjèèjì yóò yí padà bí o bá sún mọ́ abọ́ jù tàbí bí o bá jìnnà, nítorí náà wọn kọ́lọ́nì tó kéré jù lójú rẹ kí o tó kọ wọ́n. Watershed ló ń ya kọ́lọ́nì méjì tó fara kan ara wọn, àmọ́ ó tún lè gé ọ̀kan ńlá tó rí wúruwùru sí méjì. Torí náà, wo àwòrán tó bò ó kí o tó gba nọ́ńbà gbọ́. Àwọn tó wà lẹ́bàá etí tí òbìrí gé kúrò, fojú kà wọ́n, kí o fi kún un.

Alágbo Ìbàdàn
Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àgbo inú ìgò ni èmi ń yẹ̀ wò. Kọ́lọ́nì rẹ̀ kì í pọ̀, 10⁻¹ ni mo máa ń kà, èérún ewé sì kún inú ágà. Ojú gan-an ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ká má tiẹ̀ sọ fọ́tò.

Ìyá Ágà
Da abọ́ kan sí i láti inú túùbù kan náà, gbé e sínú fíríìjì ní digiri 4, má gbé e sínú ìnkúbétọ̀. Ohunkóhun tí o bá rí nínú rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 48, èérún ni. Àwọn mìíràn máa ń fi kẹ́míkà TTC díẹ̀ sínú ágà kí kọ́lọ́nì lè pọ́n. Ó wúlò fún fọ́tò gan-an, àmọ́ bí ó bá pọ̀ jù, àwọn bakitéríà kan ò ní hù mọ́.

Olùyẹ̀wò Omi
Ẹ kú àlàyé, mà. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, abọ́ tó ní kọ́lọ́nì 25 sí 250 là ń lò, bí ìwé FDA ti Amẹ́ríkà ṣe là á sílẹ̀. Ṣé ti ọmọ yìí bọ́ sí i?

Ìyá Ágà
164 àti 176 bọ́ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bọ́ sínú 30 sí 300 tí wọ́n fi kọ́ èmi. Iyàn gidi wà lórí abọ́ tó bá ní 270. Èmi á kà á bí wọn ò bá tíì lẹ̀ mọ́ra. Nísàlẹ̀, ìdí kan náà ni àwa méjèèjì fi ń sá: bí kọ́lọ́nì bá jẹ́ 16, orí-ire lásán lè fi 4 kún un tàbí kó yọ 4. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Ní 170, nǹkan bí 13 ni.

Bọ̀dá Kémísírì
Mo gbà, mílílítà 1 ló dà, mílíọ̀nù 1.7 ló tọ́. Àmọ́ èmi ò tíì gba ti fọ́tò gbọ́ fún ágà dídà. Àwọn kọ́lọ́nì kan wà nísàlẹ̀ inú ágà, wọ́n kéré, wọ́n sì rí bí ẹ̀wà. Fóònù lè fò wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin
Mo ti tún àwọn fọ́tò yẹn yà láti ìsàlẹ̀. Abọ́ 164: ImageJ ka 157, mo fojú ka 5 létí, 162. Abọ́ 176 ló ń ṣe mí ní kàyéfì: 149 ló kà, 6 létí. Mo wò ó, ọ̀pọ̀ àwọn tó fò jẹ́ pẹlẹbẹ kékeré inú ágà bí Bọ̀dá ṣe wí. Bí mo bá sọ size wá sí 12, ó gba wọn, àmọ́ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìhó. Iye tí mo fojú kà ni mo kọ sínú tébù, mo sì fi ti fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹnìkan ti gbìyànjú OpenCFU, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ka kọ́lọ́nì, lórí ágà dídà rí?