Ìki àbí ìkì? Lórí ìwọ̀n sírò ọmọdé

Atúmọ̀, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé kékeré kan láti èdè Faransé fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Àjàṣẹ́ níbí. Ó ń sọ bí a ṣe ń fi ìwọ̀n ọmọ mọ iye sírò parasetamọ́lù tí a ó fún un. Iye oògùn tó wà nínú sírò ni mo pè ní “ìki”. Mo kọ ọ́ báyìí: “Bí ìki sírò bá jẹ́ 120 mg/5 ml, tí ọmọ sì tẹ̀wọ̀n kílò 9, mililítà mélòó ni?” Ṣé “ìki” dára? Kí ni kí n sì pe 15 mg/kg?

Tíṣà, Sábẹ:
Ọmọ mi, “ìki” kò dára, inú mi ò sì dùn sí i. Ẹ̀kọ ló ń ki. Ìyá mi àgbà a máa fi igi orógùn gbé ògì sókè láti wò ó; bó bá ń já bọ́ ní ṣíṣù, a ní ó ki jù, a sì bu omi gbígbóná sí i. Ohun tí gbogbo obìnrin Sábẹ mọ̀ sí “ki” nìyẹn. Ìyá tó bá ka ìwé rẹ yóò wo bí sírò ṣe ń ṣàn lẹ́nu ìgò. Èyí tó ń fà bí oyin, yóò ní òun ló le. Èyí tó ṣàn bí omi, yóò ní kò lágbára, yóò sì fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ṣúgà àti ohun tí wọ́n fi dì í ló jẹ́ kó máa fà, kì í ṣe oògùn inú rẹ̀.

Bó o bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀, mú ohùn náà wá sílẹ̀: ìkì. Bí ọdẹ ṣe ń kì ẹ̀tù sínú ìbọn ni wọ́n ṣe kì oògùn sínú sírò. Ìbọn tí a kì ní ẹ̀tù púpọ̀ àti èyí tí a kì ní díẹ̀, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Ìgbà tó bá dún lo máa mọ̀ ọ́n.

Apòògùn, Àjàṣẹ́:
Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun. Òótọ́ lẹ sọ nípa “ki”. Lórí pẹpẹ mi lónìí, ìgò méjì ló wà, parasetamọ́lù ni méjèèjì, àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń fà kò yàtọ̀. 120 mg/5 ml ló wà lára ọ̀kan, 250 mg/5 ml ló wà lára èkejì. Ẹni tó bá fi ojú wo bí wọ́n ṣe ki yóò ní ọ̀kan náà ni.

“Ìkì” yín dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àwọn tó ń tẹ ìwé kì í fi àmì ohùn sí i. Bí àmì bá ti bọ́ sọnù, “iki” kan náà ló kù, ìyá yóò sì kà á bí ẹ̀kọ. Èmi ò ní dá ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. Mo máa kọ “oògùn inú mililítà kan”, nítorí pé òun gan-an la fẹ́ mọ̀.

Atúmọ̀, ìṣirò rẹ nìyí. Ọmọ kílò 9, kílò kan gba miligíráàmù 15 lẹ́ẹ̀kan. 9 lọ́nà 15 jẹ́ 135. Miligíráàmù 135 ni ọmọ náà fẹ́, ìgò yòówù kó jẹ́. Ibí ni ìgò ti wá wọ ọ̀rọ̀. Nínú ìgò àkọ́kọ́, 120 pín sí 5 jẹ́ 24: miligíráàmù 24 ló wà nínú mililítà kan. 135 pín sí 24 jẹ́ 5.625, lórí sẹrẹ́ńgì ẹ ó fà á dé 5.6. Nínú ìgò kejì, 250 pín sí 5 jẹ́ 50. 135 pín sí 50 jẹ́ 2.7. Ọmọ kan náà, ibà kan náà: 5.6 níhìn-ín, 2.7 lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fa 5.6 nínú ìgò kejì ti fún ọmọ ní miligíráàmù 280, ó lé ní ìlọ́po méjì ohun tó tọ́ sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́, Kútọnu:
Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí ẹ ń fi ìṣirò yọ àwọn ìyá lẹ́nu? Kílò ọmọ lọ́nà 15, ẹ pín in sí 24, ó parí. Èyí tí wọ́n kọ 2,4 % sí lára pàápàá, 24 náà ni: gíráàmù 2.4 ló wà nínú mililítà 100. Kódà ẹ ò nílò ìṣirò. Sẹrẹ́ńgì tó wà nínú páálí sírò láti ilẹ̀ Faransé, kílò ni wọ́n kọ sí i lára. Ọmọ kílò 9, ẹ fà á dé 9. Bóyá “sẹrẹ́ńgì oníkílò” ló yẹ kí Atúmọ̀ máa wá ọ̀rọ̀ fún.

Ìyá Ìdẹ́na, Kétu:
Ọmọ mi tó wà ní Kútọnu, jọ̀ọ́, má kọ ìyẹn sínú ìwé kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ ọmọ mi tẹ̀wọ̀n kílò 12. Níbi tí a gbé e lọ, wọ́n ní kí n fún un ní “mílí ọgọ́sàn-án”. Mo délé, mo wo ara sẹrẹ́ńgì títí, mi ò rí 180. Ní ilé mi, bí wọ́n bá ní mílí, sírò inú ṣíbí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ta ló sọ fún mi pé mílí méjì ló wà? Mo wá rántí sẹrẹ́ńgì oníkílò tó ṣẹ́ kù lára ìgò àtijọ́, tí mo ti fọ̀ sínú ife. Mo fà á dé 12. Àmọ́ ìgò tuntun tí mo rà ní ọjà, 250 ló jẹ́. Mo ti fún un lẹ́ẹ̀mejì, àárọ̀ àti ọ̀sán, kí ọmọ mi obìnrin tó dé tó sì ka ara ìgò. Ọmọ náà ń ṣeré, ó ń jẹun, ara rẹ̀ sì ti tutù. Mo rò pé kò sí nǹkan.

Mi ò mọ̀ bóyá ìki ni tàbí ìkì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí yóò ya mílí méjèèjì sọ́tọ̀. Kò dára kí wọ́n máa gé e sí mílí.

Apòògùn, Àjàṣẹ́:
Ìyá wa, ẹ kú ewu. Ọmọ kílò 12, 15 lọ́nà 12 jẹ́ 180. Miligíráàmù ni ẹni tó sọ̀rọ̀ ń sọ. Ojú 12 lára sẹrẹ́ńgì yẹn kì í ṣe mililítà 12. Mililítà 7.5 ló gbà, torí ìgò tó ní 24 nínú mililítà kan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ fi fa ìgò oní-50, ó di miligíráàmù 375. Lẹ́ẹ̀mejì, ó di 750. Ohun tí a kì í kọjá fún ọmọ kílò 12 láàárín wákàtí 24 jẹ́ 720, ìyẹn 60 lórí kílò kan. Ẹ rí i pé ọ̀sán ni ọmọ náà ti gba ti ọjọ́ kan tán, ó sì fi díẹ̀ lé e. Kò tíì dé ibi tí ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́ ní ojijì, ṣùgbọ́n bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá gbọ́ ni gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn, pé ọmọ ń ṣeré. Bí parasetamọ́lù bá pọ̀ jù, ọmọ lè máa ṣeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tàbí kó kàn bì díẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ń hàn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ẹ ti ṣì í fún, ẹ má dúró wo ojú ọmọ. Ẹ gbé ìgò náà gan-an lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fún un àti aago tí ẹ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí o sọ tọ̀nà fún ìgò tó bá sẹrẹ́ńgì yẹn wá nínú páálí kan náà. Nígbà tí ìgò bá tán, kí sẹrẹ́ńgì oníkílò náà bá a lọ. Èyí tí a kọ mililítà sí lára nìkan ló lè bá ìgò mìíràn ṣe.

Tíṣà, Sábẹ:
Ẹ kò tíì dáhùn mg/kg, òun sì ni mo dúró dè. Àwọn kan ń kọ “miligíráàmù fún kílò”. Ta ló ń fún kílò ní nǹkan? Nígbà tí bàbá mi bá ń pín ẹran iléyá, “ẹni kọ̀ọ̀kan, ègé mẹ́ta-mẹ́ta” ló ń sọ. Mẹ́ta-mẹ́ta yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà tán. Kọ ọ́ báyìí, ọmọ mi: “Kílò kọ̀ọ̀kan, miligíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Apòògùn, Àjàṣẹ́:
Èyí dára gan-an, Bàbá, yóò sì yanjú ìṣòro kan tó ń bá mi jà lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá kọ amọsisilíìnì ní 80 mg/kg lójúmọ́, tí a ó pín sí méjì, ìyá a máa rí 80, a sì fún un ní 80 láàárọ̀, 80 lálẹ́. Fún ọmọ kílò 9, 720 jẹ́ ti odindi ọjọ́. Bí a bá kọ ọ́ ní “ogójì-ogójì, àárọ̀ àti alẹ́”, 360 ni yóò rí, ìyẹn mililítà 7.2 nínú èyí tó jẹ́ 250 mg/5 ml. “Lójúmọ́” ló ń ṣini lọ́nà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Kútọnu:
Mo gbà lórí sẹrẹ́ńgì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ “15-15” ní nọ́ńbà, ṣé kò ní dà bíi pé láti 15 dé 15 ni, tàbí 15 lẹ́ẹ̀mejì? Àti pé ìwé àwọn ìyá ní Àjàṣẹ́, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ àgbà, dípò ẹ àti ọ. Ẹ̀yin ń jà lórí ohùn, lẹ́tà gan-an kò tíì dọ́gba.

Tíṣà, Sábẹ:
Ẹ fi ɛ yẹn sílẹ̀. Mo ti fi lẹ́tà ẹ kọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tó ṣì í kà.

Ìyá Ìdẹ́na, Kétu:
Bàbá, ɛ ni wọ́n fi kọ́ mi, òun ni mo sì ń kà.

Atúmọ̀, Àjàṣẹ́:
Mo ti yọ “ìki” kúrò. Ohun tí mo kọ báyìí nìyí: “Kílò kọ̀ọ̀kan, miligíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà síra. Wo ara ìgò rẹ: pín nọ́ńbà àkọ́kọ́ sí èkejì, òun ni oògùn inú mililítà kan.” Mi ò gé mílí níbikíbi. Nọ́ńbà tí a tún pè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀.

Tíṣà, Sábẹ:
“Oògùn inú mililítà kan” jẹ́ gbólóhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ni Yorùbá ń pè é, kí lo máa sọ? Fi ìkì sí i, kí o sì fi àmì sí i.